Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Bí a ṣe ń sọ ẹsẹ Bíbélì kúkúrú kan di orin tí ọmọdé lè mọ̀ sórí

Ìlú Àbújá ni mo ń gbé, ní agbègbè Kubwa, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 4 sí 7 ní ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ọjọ́ ìsinmi. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn òbí àti àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi máa ń bi mí jù lọ. Ẹsẹ kan ṣoṣo ni mo fi dáhùn gbogbo wọn, ìyẹn Orin Dáfídì orí kẹtàlélógún, ẹsẹ kìíní, kí ẹni tó bá kà á lè fi ẹnu ara rẹ̀ dán an wò bó ṣe ń kà á lọ.

Kí ló dé tí a kò fi lè mú ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ ti mọ̀, kí a kàn to ọ̀rọ̀ ẹsẹ náà sí i?

Ìdí ni pé ọ̀rọ̀ Yorùbá ti ní ohùn tirẹ̀ kí orin tó dé bá a. Ohùn mẹ́ta ni a ń lò, òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ohùn yìí ló ń yà ọkọ tó jẹ́ baálé ilé sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń ro oko, àti kúrò lára ọkọ̀ tí a ń wọ̀. Bí orin bá ń lọ sókè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń lọ sílẹ̀, ẹni tó ń gbọ́ yóò gbọ́ orin, ṣùgbọ́n kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun láàárín wa. Nígbà tí àwọn ìjọ àkọ́kọ́ túmọ̀ orin ìsìn sí Yorùbá, ohùn orin òyìnbó ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lé, àwọn àgbà sì ń kọ ọ́ láìbìkítà pé ọ̀pọ̀ gbólóhùn ti yí padà lẹ́nu wọn. Àwọn kan ló mú ìyípadà wá. Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti wà lára wọn, ẹni tó gba orin ìsìn Yorùbá tí ohùn rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ mu sílẹ̀ sórí àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922. Bákan náà ni Thomas Ekundayo Phillips, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátídírà ní Marina ní Èkó, tó sì tẹnu mọ́ ọn pé ìrìn ohùn ọ̀rọ̀ ló yẹ kó máa darí ìrìn orin.

Èmi fúnra mi jìyà àìmọ̀ yìí. Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, mo mú ohùn orin kan tí gbogbo ọmọ ilé ìwé jẹ́léósinmi mọ̀, mo sì to "Olúwa ni olùṣọ́-àgùntàn mi" sí i. Níbi "àgùntàn", orin náà gun òkè bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn. Ìyá àgbà kan tó wá kí àwọn ọmọ rẹ̀ láti Ìlá jókòó lẹ́yìn, ó tẹ́tí títí, nígbà tí a sì parí, ó bi ọmọ ọmọ rẹ̀ pé, "Kí lẹ ní Olúwa ń ṣọ́?" Ọmọ náà kò lè dáhùn, nítorí òun náà kò mọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fi ohùn orin àyálò sílẹ̀.

Irú ẹsẹ wo ló yẹ kí a fi bẹ̀rẹ̀?

Ẹ wá ẹsẹ tí sílébù rẹ̀ tó bí ogún, tó sì lè pín sí méjì níbi tí ènìyàn ti máa ń mí. Orin Dáfídì 23:1 bá a mu dáadáa: "Olúwa ni olùṣọ́-àgùntàn mi, èmi kì yóò ṣe aláìní." Apá kìíní ní sílébù 11, apá kejì ní 10. Ọmọ ọdún 4 lè gbé ìdajì kọ̀ọ̀kan ní èémí kan.

Àwọn kan máa ń rò pé bí ẹsẹ bá ṣe kúrú tó ni yóò ṣe rọrùn tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Jòhánù 11:35, "Jésù sọkún", kò ju sílébù mẹ́rin lọ, ẹ ó sì ní láti tún un kọ lọ́nà púpọ̀ kó tó di orin rárá. Ní ti Jòhánù 3:16, ẹ jẹ́ kó di ọdún tí ọmọ bá ti ń kàwé.

Bíbélì ilé wa kọ "li Oluṣọ-agutan" àti "emi kì yio". Èwo ni kí a tẹ̀lé?

Ohun kan náà ni. Ìkọ̀wé àtijọ́ ni èyí tó wà nínú Bíbélì yín: "li" ni a ń kọ ní "ni" báyìí, "agutan" ni àgùntàn, "yio" sì ni yóò. Iye sílébù kò yí padà, ohùn kò sì yí padà, nítorí náà orin kan náà yóò gba méjèèjì. Ohun tó yẹ kí ẹ kíyè sí ni pé ọ̀pọ̀ Bíbélì tí a tẹ̀ kò fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ tán. Ẹ da ẹsẹ náà kọ sórí ìwé fúnra yín, kí ẹ fi gbogbo àmì sí i, kí ẹ tó ronú kan orin. Bí ọ̀rọ̀ kan bá rú yín lójú, ẹ pe ẹnìkan nílé tó gbọ́ Yorùbá jinlẹ̀, kí ó sọ gbólóhùn náà jáde bí ẹni ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ẹ má ṣe ní kó kà á, nítorí ohùn àwọn àgbà wa máa ń yí padà bí wọ́n bá ń ka Bíbélì.

Ohun tí n kì í fara mọ́ ni kí a yí ọ̀rọ̀ ẹsẹ padà kí orin lè dùn. Ọmọ tó bá kọ́ "mi ò ní ṣe aláìní" lórin kò ní bá a nínú Bíbélì lọ́jọ́ tó bá ṣí i.

Báwo ni a ṣe ń rí ohùn orin náà?

Inú ọ̀rọ̀ gan-an ni ó wà. Gbogbo wa ni a kọ́ ọ nílé ìwé pé ohùn ìsàlẹ̀ ni dò, ohùn àárín ni re, ohùn òkè ni mí. Ohun orin mẹ́ta yìí tó fún ọmọdé. Ẹ pín ẹsẹ náà sí sílébù, kí ẹ sì kọ dò, re tàbí mí sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí àmì rẹ̀ ṣe wí.

Apá kìíní yóò rí báyìí:

O (re) lú (mí) wa (re) ni (re) o (re) lù (dò) ṣọ́ (mí) à (dò) gùn (dò) tàn (dò) mi (re)

Apá kejì yóò rí báyìí:

È (dò) mi (re) kì (dò) yó (mí) ò (dò) ṣe (re) a (re) lá (mí) ì (dò) ní (mí)

Ẹ kọ ọ́ jáde lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ẹ ó rí i pé orin ti ń yọjú, ó sì ti ní ìrísí tirẹ̀ tí kì í ṣe àwa la fi sí i. "Olúwa" gòkè ó sì padà. Lẹ́yìn "ṣọ́" tó wà lókè ni "àgùntàn" já sílẹ̀ pátápátá, tó sì dúró jẹ́jẹ́ síbẹ̀ fún sílébù mẹ́ta, bí ẹran tó dùbúlẹ̀ sínú koríko. Ní apá kejì, ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti ìsàlẹ̀ sí òkè: "kì yó", "ìní". Ìyàtọ̀ láàárín apá tó ń sinmi àti apá tó ń fò yìí ló ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti má ṣe da apá méjèèjì pọ̀.

Ibo ni kí àtẹ́wọ́ bọ́ sí?

Èyí ni ibi tí mo ti pẹ́ jù lọ kí n tó rí i ṣe, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ pàtẹ́wọ́ mẹ́rin fún apá kọ̀ọ̀kan, kí àtẹ́wọ́ kan gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ ka àyè kékeré mẹ́rin sáàárín àtẹ́wọ́ kan sí èkejì. Sílébù kan máa ń gba àyè kan, èyí tí a bá fẹ́ fà yóò sì gba méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú àwòrán tó wà nísàlẹ̀ yìí, igi ìdúró kọ̀ọ̀kan ni àtẹ́wọ́ kan, ilà kékeré sì ni ibi tí a ti ń fa ohùn.

O | LÚ wa ni‿o lù | ṢỌ́ – à gùn | TÀN – mi – | (ẹnu dákẹ́) è mi kì

| YÓ ò ṣe a | LÁ – ì – | NÍ – – – | (ẹnu dákẹ́)

Ohun mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Àkọ́kọ́ ni pé "O" tó bẹ̀rẹ̀ "Olúwa" ti jáde kí àtẹ́wọ́ àkọ́kọ́ tó dún, nítorí "lú" ni àtẹ́wọ́ náà ń dúró dè. Bí ẹ bá pàtẹ́wọ́ lórí "O", gbogbo orin náà yóò wó. Èkejì ni "ni‿o": sílébù méjì ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n jọ wà nínú àyè kan ni, gẹ́gẹ́ bí ẹnu wa ṣe máa ń pa wọ́n pọ̀ bí a bá ń sọ̀rọ̀. Ohùn àárín ni àwọn méjèèjì, nítorí náà pípapọ̀ wọn kò ba nǹkan kan jẹ́.

Ẹ̀kẹta ni àtẹ́wọ́ kẹrin. Ẹnu dákẹ́ níbẹ̀, ọwọ́ nìkan ló dún. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń mí, ibẹ̀ náà ló sì ti ń rántí ohun tó kàn. Lẹ́yìn tí ọwọ́ bá dún ni "èmi kì" yóò yára wọlé nínú àyè mẹ́ta tó kù, kí "yó" lè bá àtẹ́wọ́ tó tẹ̀lé e pàdé. Àwọn ọmọ fẹ́ràn àtẹ́wọ́ aláìlọ́rọ̀ yìí ju gbogbo orin náà lọ. Wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á pa ẹnu dé, wọ́n á sì máa wo ara wọn bóyá ẹnìkan yóò ṣi í.

Ẹ ó rí i pé ohùn òkè ni ó wà lábẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àtẹ́wọ́ náà: lú, ṣọ́, yó, lá, ní. "Tàn" nìkan ló wà nísàlẹ̀. Kò pọn dandan pé kí gbogbo ẹsẹ rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó bá ṣeé ṣe, ó máa ń jẹ́ kí ọmọ mọ ibi tí orin wà láìsí pé ẹnìkan ń kà á fún un.

A kọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé orin náà kò parí. Kí ni ká ṣe?

Òtítọ́ ni. "Aláìní" parí sórí mí, etí sì ń retí pé kí orin padà sílé sórí dò. A kò lè fa "ní" wá sílẹ̀, nítorí "aláìnì" kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi orúkọ ìwé tí ẹsẹ náà ti wá kún un: "Orin Dáfídì". Re, re, mí, mí, dò. "Dì" parí sílé, etí sì balẹ̀. "O-rin" yóò wọlé nínú àyè méjì tó kẹ́yìn lẹ́yìn àtẹ́wọ́ aláìlọ́rọ̀, "Dá-fí-dì" yóò sì bọ́ sórí àtẹ́wọ́ tó tẹ̀lé e. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n fi ẹnu lásán sọ "kẹtàlélógún" lórí àtẹ́wọ́ kan, "ẹsẹ kìíní" lórí èkejì, kí àtẹ́wọ́ tó gbẹ̀yìn sì dún láìsí ọ̀rọ̀.

Gbogbo rẹ̀ wá di àtẹ́wọ́ 12, ọmọ náà sì ti mọ ibi tí ẹsẹ náà wà. Mo ti rí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó mọ ẹsẹ yìí lórí, tí wọ́n sì ní láti ronú kí wọ́n tó sọ orí tó wà.

Ṣé dandan ni kí ohùn àárín máa jẹ́ re nígbà gbogbo?

Rárá. Ohun tó ṣe pàtàkì ni ìrìn ohùn láti sílébù kan sí èyí tó tẹ̀lé e: bí ọ̀rọ̀ bá gòkè, kí orin má ṣe sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ bá ti mọwọ́ rẹ̀, ẹ lè gbé gbólóhùn kan sókè díẹ̀ tàbí kí ẹ jẹ́ kí "ṣọ́" ga ju mí lọ, kó dé ohun orin sọ̀. Fún ọmọ ọdún 4, mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ má kọjá ohun orin mẹ́ta.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀ pé ohùn orin bá ọ̀rọ̀ mu lóòótọ́?

Ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ fi imú kọ orin náà bí ẹni ń rẹ ọmọ sùn, láìsí ọ̀rọ̀ kankan, fún ẹnìkan tó gbọ́ Yorùbá dáadáa tí kò tíì gbọ́ orin náà rí. Ẹ sọ fún un pé ẹsẹ kan nínú Orin Dáfídì ni. Bí ó bá mọ̀ ọ́n, ó bá a mu. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ bi í ibi tó ti ṣìnà, nítorí ibẹ̀ gan-an ni àtúnṣe yóò ti wáyé.

Bí ẹ bá mọ onígángan kan, ìdánwò tó dára jù nìyẹn. Ilù gángan kò ní ẹnu, ohùn nìkan ló ní, ohun tí kò bá sì ṣeé fi gángan sọ kì í sábà ṣeé gbọ́ lẹ́nu ọmọ.

Ọmọ mi gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Haúsá ju Yorùbá lọ. Ṣé orin yìí yóò ṣeé ṣe fún un?

Yóò ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ mọ ibi tí ìṣòro rẹ̀ yóò wà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kì í fi ohùn ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Haúsá ń fi ohùn yà á, ṣùgbọ́n òkè àti ìsàlẹ̀ ni tirẹ̀, kò ní ohùn àárín bíi tiwa. Nítorí náà ni ọmọ tó dàgbà sí Nyanya tàbí Mararaba, tó ń bá àwọn ọmọ àdúgbò ṣeré ní Haúsá, ṣe máa ń gbé ohùn àárín lọ sókè tàbí kó fà á sílẹ̀. Nínú ẹsẹ tiwa yìí, ẹ ó gbọ́ ọ níbi "mi" tó parí apá kìíní: á máa bá "tàn" gbé nísàlẹ̀, dípò kó gòkè díẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ wà ní ọwọ́. Ẹ jẹ́ kí ó fi ọwọ́ kan orúnkún fún dò, àyà fún re, orí fún mí, kí ó sì kọ "tàn mi" nìkan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá: orúnkún, àyà, orúnkún, àyà. Bí ọwọ́ bá ti mọ̀ ọ́n, ohùn yóò tẹ̀lé e. Àwọn ọmọ tó sì ti gbọ́ kalangu níbi ìgbéyàwó àwọn Haúsá ti mọ bí ilù ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé ohun tí ilù náà ń ṣe ni àwọn yóò fi ọ̀fun ṣe.

Ẹ tún ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún un ní èdè tó gbọ́. Ọmọ Àbújá ti rí Fúlàní tó ń da ẹran kọjá létí títì. Ẹ sọ fún un pé ọkùnrin tó mú ọ̀pá lọ́wọ́ yẹn, tí kì í fi ẹran rẹ̀ sílẹ̀, ni a ń pè ní olùṣọ́, ọ̀rọ̀ náà kò sì ní ṣàjèjì sí i mọ́.

Báwo ni kí a ṣe kọ́ ọmọ náà, ọjọ́ mélòó ni yóò sì gbà?

Ọ̀sẹ̀ kan, ní ìṣẹ́jú márùn-ún lójúmọ́. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ẹ má kọ orin rárá. Ẹ kàn fi ẹnu sọ ẹsẹ náà pẹ̀lú àtẹ́wọ́, títí tí àtẹ́wọ́ aláìlọ́rọ̀ yóò fi bọ́ síbi tó yẹ. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí orin kí ọwọ́ tó gún, ọmọ yóò máa sáré.

Ọjọ́ kẹta, ẹ fi orin kún apá kejì, kì í ṣe apá kìíní. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i pé èyí ṣiṣẹ́ jù, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ wà: gbogbo ọmọ máa ń mọ ìbẹ̀rẹ̀ orin, ìparí ni wọn kì í mọ̀. Bí ìparí bá ti wà lórí wọn, ohun tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n ń lọ bá, ọkàn wọn á sì balẹ̀. Ọjọ́ kẹrin, ẹ̀yin ẹ lé apá kìíní, kí ọmọ fi apá kejì gbè é. Ọjọ́ karùn-ún, ẹ pààrọ̀: kí ọmọ lé e, kí ẹ̀yin gbè é. Ọjọ́ kẹfà, kó dá a kọ láti "Olúwa" títí dé "kìíní". Ọjọ́ keje ni ìdánwò tí mo máa sọ nísàlẹ̀.

Bí òbí kò bá sí nílé lọ́sàn-án, kó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù, kó sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tọ́jú ọmọ. Ohùn ènìyàn kan láìsí ilù ni kó jẹ́. Ìlù máa ń bo sílébù kékeré mọ́lẹ̀.

Kí ni àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù?

Èyí tó burú jù wà níbi "yóò". Ohùn méjì ló wà níbẹ̀, "yó" lókè, "ò" nísàlẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní àyè tirẹ̀. Ọmọ tó bá gbàgbé "ò", tó sì mí lẹ́yìn "yó", yóò ti kọ "èmi kì yó", tó túmọ̀ sí pé bó ti wù kí òun jẹun tó, ebi ṣì ń pa òun. Ọmọkùnrin kan kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún oṣù kan gbáko nínú kíláàsì mi kí n tó kíyè sí i, nítorí ohùn àwọn tó kù bò ó mọ́lẹ̀. Láti ìgbà náà, mo máa ń gbọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan ní òun nìkan lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Èkejì ni "kì". Sílébù kékeré ni, ó wà nísàlẹ̀, kò sì ní àtẹ́wọ́ tirẹ̀, síbẹ̀ òun ló gbé gbogbo ìtumọ̀ apá kejì dání. Bí ọmọ bá gbé e mì, ohun tó kù ni "èmi yóò ṣe aláìní", ìyẹn òdìkejì ohun tí Dáfídì sọ. Ẹ dúró lórí rẹ̀: "dò, re, DÒ".

Ẹ̀kẹta ni ìyára. Bí àwọn ọmọ bá pọ̀, inú wọn á dùn, àtẹ́wọ́ á sì máa yára títí "ni‿o lù" yóò fi di ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tí kò ní orúkọ. Kí olùkọ́ dá àtẹ́wọ́ dúró, kí gbogbo wọn fi ẹsẹ̀ rìn yípo yàrá. Ẹsẹ̀ kì í yára bí ọwọ́.

Ibo ni kí a ti gbé orin náà sókè?

Àwọn bàbá ni mò ń bá wí jù níbí. Ohùn ọkùnrin máa ń lọ sílẹ̀ jù fún ọmọdé, ọmọ náà á sì máa kùn dípò kó kọrin. Bí dùùrù bá wà lárọ̀ọ́wọ́tó, ẹ fi dò sórí F tó wà lókè àárín dùùrù. Bí kò bá sí, ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ pe yín láti ìta bó ṣe máa ń pè yín. Ibi tí ohùn rẹ̀ bá wà nígbà náà ni kí ẹ fi mí sí.

Ṣé a nílò ohun èlò orin?

Ẹ ò nílò rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, agogo tàbí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan tó.

Ọmọ mi ti mọ orin náà kọ. Ṣé a lè sọ pé ó ti mọ ẹsẹ náà sórí?

Kò tíì dájú. Orin lè gbé ọmọ lọ bí omi ṣe ń gbé ewé, tí kò sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìdánwò mẹ́ta ni mo máa ń ṣe. Èkíní, kí ó fi ẹnu lásán sọ ẹsẹ náà láìsí orin àti láìsí àtẹ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń dúró lẹ́yìn "mi", ojú wọn á máa wá àtẹ́wọ́ aláìlọ́rọ̀. Ẹ fún wọn láyè, ẹ má ṣe ràn wọ́n lọ́wọ́ kíákíá. Èkejì, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín: ẹ sọ "èmi kì", kí ó parí rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni kí ó dáhùn ìbéèrè tí ìyá àgbà yẹn bi wá.

Ní ọdún tó kọjá, mo bi ọmọbìnrin ọmọ ọdún 5 kan pé, "Kí ni Olúwa ń ṣọ́?" Kò fi orin dá mi lóhùn. Ó ronú díẹ̀, ó fi ọwọ́ kan àyà níbi tí re wà, ó ní, "Èmi ni, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni àgùntàn náà."